Irin Gbígbé Nínú Ààwẹ̀: Ìjẹun Mẹ́ta Láàárín Ìṣínu àti Sààrì

  

Àwọn tí ọ̀rọ̀ mi kàn lálẹ́ òní ni àwọn tó ń gbé irin, lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbáà ṣe ní jíìmù tàbí ní ẹ̀yìnkùlé ilé, níbi tí wọ́n ti da kànkéré sínú agolo tí wọ́n sì fi ọ̀pá bọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Ìlọrin yìí nìyẹn: mo máa ń kọ́ ènìyàn bí a ti í gbé irin láìfi ara pa. Bí oṣù Ṣàbáánì bá sì ti ń lọ sópin, ìbéèrè kan náà ni wọn máa ń gbé wá bá mi lọ́dọọdún. Wọn á ní, "Kóòṣì, ṣé kí n dá irin dúró ná, títí a ó fi túnu?"

Èsì mi ni pé kí wọ́n má dá a dúró, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbé e bí wọ́n ti ń gbé e tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ káfíńtà kan ṣàlàyé ohun tí mo ní lọ́kàn.

Ọmọ ọdún 24 ni ọmọkùnrin náà, apá Sábó-Òkè ló ń gbé. Kílò 70 ló wọ̀n. Ó ti ń gbé irin fún bí ọdún méjì, ó sì lè gbé irin kílò 90 lé èjìká, kó lóṣòó, kó dìde, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Nígbà tí ààwẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá lọ́dọ̀ mi dé, ó ní òun á sinmi. N kò bá a jiyàn. Bí Màgàríbì bá ti tó, yóò jẹ dàbínù, yóò mu ògì tó ti fi ṣúgà sí dáadáa, yóò jẹ àkàrà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, yóò fi kúnnú lé e. Inú á kún. Yóò lọ kírun àṣàmù, bó bá dé, ó di orí ẹní. Ní sààrì, bí àwọn ajísààrì bá kọjá lójúde, omi ló máa ń mu, tó bá sì ṣe dáadáa jù, yóò jẹ ẹ̀kọ kan, yóò sì padà sùn.

Ọ̀sẹ̀ tí a túnu ló padà wá. Òṣùwọ̀n sọ pé kílò 66 ni. Mo ní kó lóṣòó pẹ̀lú kílò 75, ẹ̀ẹ̀kẹrin ni orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wò mí, ó ní, "Kóòṣì, ààwẹ̀ ti jẹ mí lẹ́ran."

Ààwẹ̀ kọ́ ló jẹ ẹ́ lẹ́ran. Kílò mẹ́rin tó sọ nù yẹn, omi wà níbẹ̀, ọ̀rá ara wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ iṣan níbẹ̀, bó ṣe lo òru rẹ̀ ló gbé e lọ.

Iṣan ara wa dà bí ògiri amọ̀. Lójoojúmọ́ ni ara máa ń wó díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, lójoojúmọ́ náà ló sì máa ń rẹ́ ẹ padà. Bí wíwó àti rírẹ́ bá ṣe déédéé, ògiri dúró. Ohun méjì ló máa ń pe birikìlà wá síbi iṣẹ́. Ọ̀kan ni purotéènì inú oúnjẹ, èyí tí í ṣe amọ̀ tí yóò fi rẹ́ ẹ. Ìkejì ni iṣẹ́ líle tí a bá gbé lé iṣan náà, nítorí òun ló ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé a ṣì nílò ògiri yìí. Ní ọ̀sán ààwẹ̀, kò sí amọ̀ tuntun tó ń wọlé, nítorí náà wíwó á borí díẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun tó yẹ kó dẹ́rù bani. Fún wákàtí mẹ́tàlá, ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ tọ́jú àti ọ̀rá ara ni ara máa ń ná jù. Ṣùgbọ́n bí alẹ́ bá lẹ́ tí amọ̀ kò wọlé, tí irin náà kò sì kan iṣan fún odidi oṣù kan, birikìlà á palẹ̀ mọ́, á lọ sílé. Bó ṣe rí fún káfíńtà wa nìyẹn.

Èló ni amọ̀ náà? Fún ẹni tó ń gbé irin, ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fara mọ́ jù ni nǹkan bíi giramu 1.6 purotéènì fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá wọ̀n, lójúmọ́. Ẹni tó wọ̀n kílò 70 ní láti rí nǹkan bíi giramu 112. Ẹ má ṣì í gbọ́ o: n kò sọ giramu ẹran tàbí giramu ẹ̀wà. Purotéènì tó wà nínú wọn ni mò ń wí. Ẹyin kan tó bá wúwo tó giramu 50, purotéènì inú rẹ̀ kò ju bíi mẹ́fà lọ. Ẹ̀wà sísè tó bá wúwo tó 100, bíi mẹ́jọ ló ní. Ògì tí káfíńtà yẹn ń mu kún abọ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan nínú rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ ní jíìmù pé ara kò lè lo ju giramu 30 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé èyí tó bá lé, ìyàgbẹ́ ló ń bá lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2023, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì fún àwọn ọkùnrin ní giramu 100 lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn tí wọ́n gbé irin tán, wọ́n sì rí i pé ara wọn ń lò ó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò sọ ọ́ nù. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí jẹ́ fún aláàwẹ̀, nítorí pé oúnjẹ ńlá tí a bá jẹ ní òru á ṣì máa bá wa ṣiṣẹ́ bọ̀ di àárọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni inú rẹ̀ á gba giramu 112 nígbà ìṣínu, lẹ́yìn tí ikùn ti ṣófo láti àfẹ̀mọ́jú? Ẹyin bí ogún nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìjẹun mẹ́ta ni kí a pín in sí, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi 35. Ẹni tó bá fi sààrì sílẹ̀ ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta amọ̀ rẹ̀ nù, kò sì sí bó ṣe lè fi ìṣínu dí i.

Ẹ jẹ́ ká wá wo aago Ìlọrin. Ní 2025, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní àsìkò yẹn, oòrùn máa ń wọ̀ níbí ní nǹkan bí aago méje alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àfẹ̀mọ́jú sì máa ń là ní bí aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A jẹ́ pé wákàtí mẹ́tàlá ni ààwẹ̀, bíi mọ́kànlá ló sì kù fún jíjẹ, mímu, kíkírun, sísùn àti irin. Láti ọdún dé ọdún, aago wa níbí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí, nítorí pé ibi tí a wà lórí ilẹ̀ ayé kì í jẹ́ kí ọ̀sán gùn jù tàbí kúrú jù. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni kí a bá kẹ́dùn. Nígbà tí ààwẹ̀ bọ́ sí oṣù Kẹfà ní 2016, ó lé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí wọ́n tó ṣínu, kò sì pẹ́ lẹ́yìn aago méjì òru tí sààrì fi ń tán. Ìjẹun méjì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè rí, àfi kó jẹ́ kí irin fúyẹ́ gan-an.

Ní ọdún kejì, èmi àti káfíńtà jọ jókòó, a sì to alẹ́ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó láti máa ra ìyẹ̀fun purotéènì inú ike, n kò sì rí ìdí tó fi yẹ kó rà á. Oúnjẹ Ìlọrin tó o.

Nígbà ìṣínu, dàbínù mẹ́ta àti omi, lẹ́yìn náà Màgàríbì. Bó bá padà dé, ògì rẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n dípò ṣúgà, ó ń po mílíìkì oníyẹ̀fun ṣíbí ìjẹun mẹ́ta gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn bíi giramu méje purotéènì. Àkàrà márùn-ún tó tóbi tó ẹyin adìẹ, bíi 15. Ẹyin sísè méjì, 12. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 34. Ikùn kò wúwo, ó lè lọ sí àṣàmù láìwọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Lẹ́yìn àṣàmù ló gbé irin. Ní aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ó jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ẹja yìnyín ńlá kan tó wúwo tó giramu 120 lẹ́yìn tí wọ́n sè é, ìyẹn bíi 26, àti wàrà méjì tó ṣeé gbá mú, bíi 12. Bí a bá ka gbẹ̀gìrì mọ́ ọn, ó tó 40. Ní sààrì, ẹ̀wà sísè tó kún abọ́, bíi giramu 250, tó fún un ní 20. Ẹyin méjì, 12. Mílíìkì bíi ti ìṣínu, méje. Èyí jẹ́ 39. Ẹ ṣírò rẹ̀: 34, 40 àti 39 jẹ́ 113. Iye rẹ̀ ti pé.

Ẹ̀wà ni mo fẹ́ràn jù fún sààrì, nítorí kì í tètè dà nínú, ebi kì í sì tètè pa ẹni tó jẹ ẹ́. Ẹni tí ẹ̀wà bá ń fi afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, kó rẹ ẹ́ sómi láti ọ̀sán, kó da omi yẹn nù kó tó sè é. Bí kò bá sì gbà síbẹ̀, mọ́ínmọ́ín máa ń rọrùn fún ikùn ju ẹ̀wà oníhóró lọ, nítorí pé a ti bó èèpo rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí wàrà, nítorí pé ìlú yìí ló ni ín, a kì í sì í rí i bí ohun tí ẹni tó ń gbé irin lè gbára lé. Mílíìkì màlúù ni, tí àwọn ìyá Fúlàní fi omi ewé bòmùbómù mú kó dì lórí iná. Nígbà tí ó bá dì, purotéènì àti ọ̀rá rẹ̀ ló dì pọ̀, èyí tó ń ṣàn kúrò ni omi wàrà. Nítorí náà, bí omi bá ṣe jáde tó ni wàrà ṣe máa ń le tó. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ má fi ojú nìkan wò ó. Ẹ ní kó fi ṣíbí gbé ọ̀kan jáde nínú omi rẹ̀ kí ó ro díẹ̀. Èyí tó bá mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, tí omi sì ń kán lábẹ́ rẹ̀, omi lẹ ń rà níbẹ̀. Èyí tó bá dúró gírí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ya bí búrẹ́dì nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ gé e, èyí yẹn ni kí ẹ mú. Nínú giramu 100 irú èyí, purotéènì lè tó bíi 15. Oòrùn oṣù Kẹta máa ń tètè bà á jẹ́ o. Wàrà tí ẹ bá rà ní ìrọ̀lẹ́, ẹ sè é pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó lọ kírun, tàbí kí ẹ dín in. Bó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tàbí tó ń rùn kíkan ju bó ti yẹ lọ, ẹ dà á nù. Ìgbẹ́ gbuuru nínú ààwẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tí mílíìkì màlúù kò bá lára mu lè jẹ wàrà sóyà dípò rẹ̀, èyí tí wọ́n ń dín lẹ́bàá títì káàkiri ìlú.

Ó wá ku irin fúnra rẹ̀. Ìgbà wo lóòjọ́ ni ó ṣeé gbé? Ọ̀sán gangan kò sí nínú ọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹta, ooru Ìlọrin lè tó ìwọ̀n 36 tàbí 37, òógùn tí ẹ bá là kò sì ní ohun tí ẹ máa fi dí i. Àwọn kan fẹ́ràn wákàtí tó kẹ́yìn kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé omi ti sún mọ́ wọn. Àwọn kan gbé e sí ẹ̀yìn àṣàmù. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Tùnísíà wo ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n mú àwọn ọkùnrin 16 tó ń gbé irin, apá kan gbé e lọ́sàn-án ọjọ́rọ̀ nígbà tí ààwẹ̀ ṣì wà lẹ́nu wọn, apá kejì gbé e lálẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹun. Nígbà tí oṣù parí, ìwọ̀n ara àti ọ̀rá ara apá méjèèjì kò yí padà. Ohun tó yàtọ̀ ni omi: ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gbé e nínú ààwẹ̀ fi hàn pé ara wọn ti gbẹ díẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ẹ̀yìn àṣàmù ló dára jù fún irin wúwo, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àbọ̀. Ìṣínu fúyẹ́ ti dà nínú, omi ti wọ ara, atẹ́gùn sì ti tutù. Ẹni tí àyè rẹ̀ kò gbà á ju ìrọ̀lẹ́ lọ, kó gbé e, ṣùgbọ́n kó fi irin tó fúyẹ́ ṣe é, kó má sì dá nìkan wà. Àárín Màgàríbì àti Ìṣáì ni mo kọ̀ fún àwọn tí mò ń kọ́. Wákàtí kan péré ló wà níbẹ̀. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ iyán tán ní aago méje, tó sì ń lóṣòó ní méje àbọ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló sáré gbà, gbogbo ohun tó jẹ ló bì jáde. Giramu purotéènì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn wà nínú kòtò.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ààwẹ̀ àti agbára kò lè gbé inú ara kan, ẹ rán an létí Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó ní 1963, tó gba bọ́ọ̀lù aláwọ̀n fún Houston Rockets ní Amẹ́ríkà. Ní 1995, ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó gba ààwẹ̀ náà, kò mu omi bí eré bá bọ́ sí ojú ọ̀sán, òun náà ni wọ́n sì mú ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lóṣù yẹn. Oṣù Kejì jẹ́ àsìkò òtútù lọ́hùn-ún, ọ̀sán kúrú, ọ̀pọ̀ eré wọn sì máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Nítorí náà, ẹ má lọ gbé irin lábẹ́ oòrùn ọ̀sán ní Gàmbàrí nítorí tirẹ̀.

Báwo ni iṣẹ́ náà á ti pọ̀ tó? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n rò pé bí àwọn kò bá lè ṣe é tán bíi ti tẹ́lẹ̀, kò tún níláárí mọ́. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Alabama ní Amẹ́ríkà mú àwọn ènìyàn tí wọ́n fi oṣù mẹ́rin gbé irin lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, wọ́n wá dín iṣẹ́ wọn kù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìdá kan péré nínú mẹ́ta, agbára wọn kò lọ, iṣan wọn kò sì joro, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún di agbára wọn mú, ṣùgbọ́n iṣan tiwọn dín kù, nítorí náà àgbàlagbà kò gbọdọ̀ gé tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan lára ohun tí wọn kò dín kù ni ìwúwo irin. Ohun tí ààwẹ̀ ń béèrè nìyẹn: ẹ gé iye ìgbà, ẹ jẹ́ kí irin wúwo bó ti wà.

Káfíńtà máa ń ṣe lóṣòó ní sẹ́ẹ̀tì márùn-ún. Nínú ààwẹ̀, ó ṣe méjì. Irin tó ń dùbúlẹ̀ tì sókè láti àyà, méjì. Èyí tó ń tẹ̀ ba tó sì ń fà sí ikùn, méjì. Èyí tó ń gbé kúrò nílẹ̀, ẹyọ kan. Ó ń sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín wọn, kì í sì í gbé e débi tí kò ti ní lè dìde mọ́: ìgbà méjì gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù nínú rẹ̀ kó tó gbé irin sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 40, ó ti parí. Ọjọ́ Àìkú, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ló ń wá. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ ààwẹ̀ ni n kò jẹ́ kó gbé nǹkan gidi, nítorí pé orí máa ń fọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà yẹn. Oǹgbẹ nìkan kọ́ ló ń fà á. Ẹni tó ń jẹ obì láràárọ̀ tàbí tó ń mu kọfí, èròjà tó ń la ojú nínú wọn ló dédé ká kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ kan dín obì kù kí ààwẹ̀ tó dé, ẹ ó rí i pé orí náà á fúyẹ́.

Omi inú ọ̀rá tí a ń rà lójú pópó, ìdajì lítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún tàbí mẹ́fà ni mo ń sọ fún wọn láàárín ìṣínu àti sààrì: ọ̀kan nígbà ìṣínu, ọ̀kan kí wọ́n tó lọ sí àṣàmù, ọ̀kan nígbà irin, ọ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó kù ní sààrì. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ dé sààrì. Omi tí ènìyàn bá gbé mì gbuuru ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó pe ìrun, ilé ìtọ̀ ló ń gbé e lọ kí aago mẹ́jọ tó lù.

Báwo ni ẹ ó ti mọ̀ bí nǹkan bá ń bàjẹ́? Ẹ gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní wákàtí kan náà, lẹ́yìn sààrì. Bí kílò kan bá lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, omi ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Bó bá tún lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, oúnjẹ kò tó, ẹ fi kún ti ìgbà tí ẹ bá gbé irin tán. Bí irin tí ẹ ń gbé lẹ́ẹ̀márùn-ún bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní alẹ́ méjì tó tẹ̀ léra, oorun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tó sùn ní aago méjìlá, tó jí ní mẹ́rin àbọ̀, tó lọ síbi iṣẹ́ ní mẹ́jọ, wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ló sùn. Kó wá oorun ọ̀sán díẹ̀ lẹ́yìn Aìlá, kó sì yọ ọjọ́ irin kan kúrò lọ́sẹ̀ yẹn. Bí ìtọ̀ bá pọ́n bíi tíì dúdú nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, tàbí òòyì bá kọ́ni nígbà tí ènìyàn bá dìde láti ìforíkanlẹ̀, kò sí irin lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí òòyì bá gbéni ṣubú lọ́sàn-án, ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ ti yọ̀ǹda kí aláìsàn ṣínu, kó san án padà lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, pàápàá tó ń gba abẹ́rẹ́, kó rí dókítà rẹ̀ kó tó gba ààwẹ̀, ká má tilẹ̀ tíì sọ ti irin. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé kíndìnrín rẹ̀ kò dá a, giramu tí mo kà sílẹ̀ yìí kì í ṣe tirẹ̀. Dókítà ló máa sọ èyí tó bá ara rẹ̀ mu.

Ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn ló le jù fún káfíńtà. Ó fẹ́ wà ní mọ́sáláṣí ní òru, n kò sì ní bá ènìyàn du Òru Àbùyìn. A sọ irin di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ Àìkú, ní wákàtí kan ṣáájú ìṣínu, sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìjẹun mẹ́ta rẹ̀ kò yẹ̀. Ó ń gbé ẹyin sísè àti wàrà díndín nínú ike lọ sí mọ́sáláṣí, ó ń jẹ ẹ́ láàárín ìrun méjì, lójúde.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Ìtúnu, ó gun òṣùwọ̀n. Kílò 69. Mo to irin 90 sórí ọ̀pá fún un. Ó lóṣòó, ó dìde, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ó fẹ́ padà sí sẹ́ẹ̀tì márùn-ún lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní kó ṣe mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nítorí pé iṣan tí kò ti iṣẹ́ púpọ̀ wá fún oṣù kan máa ń ro goorogo bí a bá dà á bò ó lẹ́ẹ̀kan náà.